Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Ṣíṣètò Ìdánwò Mọ́ọ̀kì Tó Kárí Sílábọ́ọ̀sì Ìṣirò

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n ṣètò ìdánwò mọ́ọ̀kì ìṣirò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, mo rò pé iṣẹ́ náà kò ju pé kí n ṣí sílábọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí n mú orí-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n wá ìbéèrè kan fún un, kí n sì fi bírò sàmì sí i pé ó ti wọlé. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Bí mo ṣe pín sílábọ́ọ̀sì náà, orí-ọ̀rọ̀ kéékèèké 36 ló wà nínú rẹ̀, nígbà tí mo sì parí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí n kò sàmì sí. Gbogbo máàkì jẹ́ 100, àkókò jẹ́ 150 ìṣẹ́jú, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ìwé ìdánwò náà kárí, pé ó sì wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Nígbà tí èsì jáde, jiọ́mẹ́tírì àti ìṣirò ìwọ̀n ni máàkì ti kéré jù. Mo ya ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sọ́tọ̀ láti tún àwọn ẹ̀kọ́ náà kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: igun, onígun mẹ́ta, òfin Páítágọ́ráàsì, àyíká àti ojú ìwọ̀n onírúurú àwòrán. Lẹ́yìn náà mo fún wọn ní ìdánwò kékeré lórí rẹ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa, débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàyéfì bóyá wọ́n tilẹ̀ nílò ọ̀sẹ̀ méjì náà rárá. Àmọ́ nígbà tí mo tún gbé àwọn ìbéèrè mọ́ọ̀kì yẹn gan-an síwájú wọn, ibi tí wọ́n ti ṣubú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ti ṣubú.

Olùkọ́ àgbà kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, obìnrin tó ti ń kọ́ni ní ìṣirò kí èmi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kó èsì náà lọ bá a. Kò fẹ́ rí i. Ó ní, “Ìwé ìdáhùn àwọn ọmọ ni kí o gbé wá.” Nígbà tí mo gbé e dé, ó fa ọ̀kan yọ, ó sì bi mí pé ibo ni ọmọ yìí ti ṣubú. Mo ní, “Ìbéèrè onígun mẹ́rin ni, mà.” Ó ní, “N kò béèrè orúkọ ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ. Ìlà wo ló ti ṣubú?”

Ìbéèrè náà rèé bí mo ṣe kọ ọ́: gígùn onígun mẹ́rin kan tí igun rẹ̀ dọ́gba fi 3 cm ju ìbú rẹ̀ lọ, ìlà tó dá a kọjá láti igun kan sí igun kejì sì jẹ́ 15 cm, wá àyíká rẹ̀. Máàkì 6 ni mo fún un, abẹ́ ìṣirò ìwọ̀n ni mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ìdáhùn rẹ̀, tí a bá pe ìbú ní x, lọ báyìí:

x² + (x + 3)² = 15²
2x² + 6x − 216 = 0
x² + 3x − 108 = 0
(x + 12)(x − 9) = 0
x = 9
2(9 + 12) = 42 cm

Ìlà kọ̀ọ̀kan ní máàkì kan. Ìlà àkọ́kọ́ ni òfin Páítágọ́ráàsì, ìlà ìkẹyìn sì ni àyíká. Ìlà mẹ́rin tó wà láàárín wọn kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n onígun mẹ́rin: títú àkámọ́ ni, kíkó irú kan náà jọ ni, fífi àkámọ́ méjì tó ń sọ ara wọn di púpọ̀ tú ìdọ́gba kuadirátíìkì ni, àti mímọ̀ pé −12 kò lè jẹ́ ìbú nǹkan kan. Ọmọ tí a ń wo ìwé rẹ̀ kọ ìlà àkọ́kọ́ láìṣìnà. Ní ìlà kejì, ó kọ (x + 3)² sílẹ̀ bí x² + 9. Láti ibẹ̀, ó rí 2x² = 216, ó wá gbòǹgbò rẹ̀, ó rí nǹkan bí 10.4, ó sì fi wá àyíká. Ó mọ àyíká, ó mọ Páítágọ́ráàsì, ó sì gba máàkì kan péré, nítorí pé mo ti so máàkì àyíká mọ́ ìdáhùn 42.

A yẹ ìwé mẹ́wàá mìíràn wò lọ́jọ́ náà. Nínú púpọ̀ wọn, ìlà kejì tàbí ìkẹrin ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Áljẹ́bírà ló ń dá àwọn ọmọ náà dúró, èmi sì ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn ní jiọ́mẹ́tírì, nítorí pé orúkọ tí mo fún ìbéèrè náà ni mo gbà gbọ́.

Mo padà sílé, mo sì ṣe ohun kan tí n kò tíì ṣe rí. Mo mú ìlànà máàkì gbogbo ìwé ìdánwò náà, mo fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì kọ orúkọ ẹ̀kọ́ tí máàkì kọ̀ọ̀kan ń dán wò gan-an síwájú rẹ̀, ọgọ́rùn-ún máàkì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe kà á nípa orúkọ ìbéèrè, áljẹ́bírà ní máàkì 25, jiọ́mẹ́tírì àti ìṣirò ìwọ̀n sì ní 25 láàárín ara wọn. Nígbà tí mo kà á nípa ìlà, áljẹ́bírà di 41, jiọ́mẹ́tírì àti ìṣirò ìwọ̀n sì ṣẹ́ kù sí 15. Máàkì 10 ti kúrò lọ́wọ́ wọn, 6 yòókù sì wá láti inú tirigonọ́mẹ́tírì àti jiọ́mẹ́tírì orí gíráàfù, nítorí pé àwọn ìbéèrè wọn náà ń parí sí ìdọ́gba tí ó yẹ kí ọmọ tú. Ìwé ìdánwò tí mo pè ní èyí tó kárí jẹ́ ìdánwò áljẹ́bírà tó wọ aṣọ oríṣiríṣi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka máàkì nípa ìlà ìdáhùn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìyókù ohun tí mo kọ́ ti ṣàn wá.

Kí n tó lè mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ kan ti gba ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ, mo ní láti kọ́kọ́ mọ iye tó tọ́ sí i. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ni àkókò tí a fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Nínú ètò iṣẹ́ wa, tí a bá yọ ọ̀sẹ̀ àtúnyẹ̀wò àti ti ìdánwò kúrò, ọ̀sẹ̀ 60 ni a fi kọ́ gbogbo ohun tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà àti ìṣirò rẹ̀ gba 12, áljẹ́bírà gba 15, jiọ́mẹ́tírì gba 9, ìṣirò ìwọ̀n gba 6, tirigonọ́mẹ́tírì pẹ̀lú béárìn gba 6, àwọn yòókù sì pín ọ̀sẹ̀ 12 tó kù. Ẹ̀kọ́ tó gba ọ̀sẹ̀ 6 nínú 60 ni ẹ̀tọ́ sí máàkì 10 nínú 100; áljẹ́bírà ní ẹ̀tọ́ sí 25. Ìwọ̀n yìí kì í ṣe òfin. Bí ètò ìdánwò àṣekágbá fúnra rẹ̀ bá sọ iye tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa ní, tirẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé. Àmọ́ níbi tí kò bá ti sọ, ọ̀sẹ̀ tí a fi kọ́ ọ sàn ju ohun tí ó bá wu olùkọ́ lọ, torí pé olùkọ́ a máa béèrè ohun tó fẹ́ràn. Èmi fẹ́ràn ìdọ́gba kuadirátíìkì púpọ̀. Ìyẹn hàn nínú mọ́ọ̀kì mi àkọ́kọ́.

Ìṣirò yìí rọrùn níwọ̀n ìgbà tí a bá dúró sórí àwọn ẹ̀kọ́ ńláńlá. Ìgbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀ sí orí-ọ̀rọ̀ kéékèèké ni ọwọ́ máa ń kún. Láàárín áljẹ́bírà, àìdọ́gba gba ọ̀sẹ̀ 2, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì jẹ́ máàkì 3.33. Fariéṣọ̀n gba ọ̀sẹ̀ 1, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 1.67. Kò sí ẹni tó ń fúnni ní ìdá máàkì, nítorí náà a ó sọ èyí àkọ́kọ́ di 3, a ó sì sọ ìkejì di 2. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún orí-ọ̀rọ̀ 36 láìbojúwẹ̀yìn, àròpọ̀ wọn lè di 97 tàbí 104. Bí mo ṣe ń yanjú rẹ̀ ni pé n ó kọ́kọ́ fún gbogbo wọn ní odidi nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀, n ó wo iye máàkì tó ṣẹ́ kù kó tó pé 100, n ó sì pín ìyókù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí ìdá wọn tóbi jù. Fariéṣọ̀n tó ní .67 yóò gbà kí àìdọ́gba tó ní .33 tó gbà.

Àmọ́ orí-ọ̀rọ̀ tó bá ṣẹ́ kù sí máàkì 1 kò ṣeé fi dán ẹnikẹ́ni wò. Máàkì kan kò gba ọ̀nà àti ìdáhùn pọ̀. Ọmọ tó méfò tó bọ́ sí i àti ọmọ tó mọ̀ ọ́n kò ní ìyàtọ̀. Nítorí náà, n kì í jẹ́ kí ohunkóhun kéré sí 2. Ibi tí mo ti ń rí máàkì tí mo fi kún un ni inú ẹ̀kọ́ ńlá tó bí i, kì í ṣe inú ẹ̀kọ́ mìíràn, kí àròpọ̀ àwọn ẹ̀kọ́ ńlá má bàa yẹ̀.

Nígbà tí mo ní iye tó tọ́ sí oníkálukú lọ́wọ́, mo padà sórí ìbéèrè onígun mẹ́rin yẹn. Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe. Àkọ́kọ́ ni kí n fi ìbéèrè náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kí n kọ máàkì 4 rẹ̀ sí abẹ́ ìdọ́gba kuadirátíìkì, kí n sì kọ 2 péré sí abẹ́ ìṣirò ìwọ̀n. Ìkejì ni kí n yọ áljẹ́bírà kúrò nínú rẹ̀: ìbú jẹ́ 9 cm, ìlà ìdákọjá jẹ́ 15 cm, wá gígùn àti àyíká. Ọmọ yóò kọ 15² − 9² = 144, yóò rí 12 cm, yóò sì rí 42 cm. Gbogbo máàkì ibẹ̀ wá di ti ìṣirò ìwọ̀n lóòótọ́.

Mo kọ́kọ́ ṣe àṣejù. Ní ọdún kejì, mo yọ àdàlù kúrò nínú gbogbo ìbéèrè, ìwé ìdánwò náà sì wá dà bí àkójọ iṣẹ́ àṣetiléwá tí a kó jọ láti inú orí kọ̀ọ̀kan. Èyí kò dára, nítorí pé ìdánwò àṣekágbá gan-an máa ń da ẹ̀kọ́ pọ̀, ọmọ tí kò sì tíì bá ìdàpọ̀ pàdé rí kò ní mọ ibi tí yóò gbà wọlé. Ìlànà tí mo wá dúró lé ni pé, nínú iye tí orí-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán ìdajì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ máàkì tí ọmọ lè gbà láìgbára lé ẹ̀kọ́ mìíràn. Máàkì adádúró ni mo ń pè é. Ìdajì yòókù lè wà nínú ìdàpọ̀, bí mo bá ti kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ orúkọ tó jẹ́ tirẹ̀.

Ohun mìíràn wà tó ń jí máàkì gbé láti orí ẹ̀kọ́ kan lọ sórí òmíràn, ìyẹn ni àwọn ìbéèrè alápá méjì tí apá kejì ń fẹ̀yìn ti apá kìíní. Mo ní ìbéèrè kan lórí onígun mẹ́ta ABC: AB jẹ́ 7 km, BC jẹ́ 8 km, igun B jẹ́ 120°. Apá kìíní ní kí a wá AC. Apá kejì ní kí a fi òfin sáìnì wá igun A. Mo fẹ́ fi apá kìíní dán òfin kósáìnì wò, kí n sì fi apá kejì dán òfin sáìnì wò. Ìdáhùn tó tọ́ ni pé AC² = 49 + 64 + 56 = 169, nítorí náà AC = 13 km, igun A sì jẹ́ nǹkan bí 32.2°. Ṣùgbọ́n kósáìnì 120° jẹ́ −½, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì gbàgbé àmì ìyọkúrò yẹn. Wọ́n kọ 49 + 64 − 56 = 57, wọ́n rí 7.55, wọ́n gbé e lọ sí apá kejì, wọ́n sì rí igun tó lé ní 66°. Àmì kan ṣoṣo ló ṣìnà, àmọ́ nínú èsì mi, ó dà bíi pé wọn kò mọ òfin méjèèjì.

Bí mo ṣe tún un ṣe ni pé mo yí apá kìíní padà sí “Fi hàn pé AC = 13 km.” Ẹni tó bá ṣìnà níbẹ̀ ní 13 lọ́wọ́ tí yóò fi ṣe apá kejì, òfin sáìnì sì gba ìdájọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí náà ní ìṣòro tirẹ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè, a kò lè fún ẹnikẹ́ni ní máàkì nítorí pé ó kọ 13. Mo rí ọmọ kan tó kọ 49 + 64 − 56 = 169, bẹ́ẹ̀ 57 ni. Nítorí náà, inú ìlànà máàkì, mo kọ ọ́ pé máàkì ọ̀nà wà fún ẹni tó bá fi nọ́ńbà sínú òfin náà bó ṣe yẹ, máàkì ìdáhùn sì wà fún ẹni tí a bá rí i lọ́wọ́ rẹ̀ pé àmì ìyọkúrò méjì di ìròpọ̀. Bí a kò bá rí ìlà yẹn, kò gba máàkì kejì. Níbi tí “Fi hàn pé” kò bá ti wọlé, mo máa ń sọ fún àwọn tó ń bá mi máàkì pé kí wọ́n tẹ̀ lé ìdáhùn tí ọmọ fúnra rẹ̀ rí, kí wọ́n sì fún un ní máàkì ọ̀nà tó bá fi ṣe ìyókù dáadáa.

N kò tíì sọ̀rọ̀ nípa bí ìbéèrè ṣe le tó, èyí sì ni ó pẹ́ jù kí ó tó yé mi. Mo pín máàkì sí ìpele mẹ́ta: 40 fún ohun tí ọmọ lè rántí tàbí kí ó ṣe tààrà, 40 fún lílo ohun tó mọ̀ nínú ìbéèrè tí a fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀, 20 fún ibi tí ó ti ní láti ronú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Àròpọ̀ náà pé, mo sì gbà pé mo ti ṣe tán. Àmọ́ nígbà tí mo ya tábìlì, tí mo kọ àwọn ẹ̀kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, tí mo sì kọ ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí òkè, mo rí i pé gbogbo ẹ̀kọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì ìṣáájú, bíi sẹ́ẹ̀tì àti lọ́gárídíìmù, ló wà lábẹ́ ìpele kìíní, tí àwọn tí a kọ́ gbẹ̀yìn, bíi ìbẹ̀rẹ̀ kálíkúlọ́ọ̀sì àti fẹ́kítọ̀, sì kún abẹ́ ìpele kẹta. Bí ọmọ bá wá kùnà nínú kálíkúlọ́ọ̀sì, ṣé kálíkúlọ́ọ̀sì ni kò mọ̀ ni, àbí ìbéèrè tó le ni kò lè ṣe nínú ẹ̀kọ́ èyíkéyìí? Èsì náà kò lè sọ fún mi. N kò bi í rí pé kí ó kàn wá ìtẹ̀sí y = 3x² − 5x níbi tí x = 2, kí ó rí 7, kí n mọ̀ pé ó mọ ìbẹ̀rẹ̀.

Ojútùú tó pé kò sí nínú ìwé ìdánwò kan ṣoṣo. Orí-ọ̀rọ̀ 36 nígbà ìpele 3 jẹ́ ilé 108 nínú tábìlì, máàkì 100 péré ló sì wà. Tí a bá fún ilé kọ̀ọ̀kan ní máàkì 2, àwọn ọmọ yóò jókòó di ọjọ́ kejì. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń ṣètò mọ́ọ̀kì méjì pa pọ̀ lórí tábìlì kan náà. Orí-ọ̀rọ̀ tó bá wà ní ìpele kìíní nínú èyí àkọ́kọ́ yóò bọ́ sí ìpele kejì tàbí ìkẹta nínú èkejì, èyí tó sì le nínú àkọ́kọ́ yóò rọrùn nínú èkejì. Ọmọ tó bá kùnà nínú sẹ́ẹ̀tì nígbà tí ó rọrùn àti nígbà tí ó le kò mọ sẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá ṣe é nígbà tó rọrùn tí ó sì kùnà nígbà tó le nílò irú ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yíyan ìbéèrè kò gùn. Bí a bá ní kí ọmọ dáhùn 4 nínú 6, a kò lè sọ mọ́ pé ìdánwò náà kárí, nítorí pé oníkálukú ti fò kọjá ibi tó ń bẹ̀rù. Nínú èyí àkọ́kọ́ nínú mọ́ọ̀kì méjèèjì tí mo ń ṣètò pa pọ̀, dandan ni gbogbo ìbéèrè. Mọ́ọ̀kì kejì ni mo máa ń jẹ́ kó rí bí ìdánwò àṣekágbá ṣe rí gẹ́lẹ́, kí ọwọ́ wọn lè mọ́ yíyàn náà.

Fún àkókò, mo máa ń jókòó ṣe ìdánwò náà fúnra mi, pẹ̀lú gbogbo ìlà tí mo retí lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ní orí. Ti ọdún kẹta gbà mí ní ìṣẹ́jú 58. Mo ń ka ìlọ́po mẹ́ta fún ọmọ, 174 ni ìyẹn, ó sì ju 150 lọ. Gíráàfù ló fà á, mo ní méjì. Mo yọ ọ̀kan, mo sì fi gíráàfù tí a ti yà tán rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n kàn ka ìdáhùn lórí rẹ̀. Àkókò mi wálẹ̀ sí ìṣẹ́jú 49.

Tábìlì náà kò lè sọ bóyá ìbéèrè kan yé ẹni tó ń kà á. Èyí hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán. Àwọn ọmọ 40 ló ṣe mọ́ọ̀kì ọdún kẹta. Mo to ìwé wọn láti orí ẹni tó gba máàkì jù dé orí ẹni tó gba kéré jù, mo mú 11 lókè àti 11 nísàlẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì wo ohun tí ẹgbẹ́ méjèèjì gbà nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tó dára, àwọn tòkè ni wọ́n yẹ kó gbà jù. Ìbéèrè mi lórí ìṣeéṣe lọ sódì: nínú máàkì 22 tó ṣeé gbà, àwọn tòkè gba 6, àwọn ti ìsàlẹ̀ gba 9.

Mo ti kọ ọ́ pé bọ́ọ̀lù pupa 5 àti búlúù 3 wà nínú àpò, pé a mú méjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá ìṣeéṣe pé méjèèjì pupa. Ìdáhùn mi ni 25/64, nítorí pé nínú ọkàn mi, a dá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ padà sínú àpò. N kò kọ ìyẹn sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó mọ iṣẹ́ ka ohun tí mo kọ, wọn kò rí ibi tí mo ti dá a padà, wọ́n sì ṣe 5/8 × 4/7, wọ́n rí 5/14, mo sì fún wọn ní òdo. Àwọn tí kò ronú nípa bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rárá kàn sọ 5/8 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, wọ́n sì gba máàkì. Mo pè wọ́n jọ, mo sọ àṣìṣe mi fún wọn, mo sì fún gbogbo ẹni tó kọ 5/14 ní máàkì rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, gbólóhùn kan ni mo fi kún un: “A kò dá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ padà.” Àwọn tòkè gba 19 nínú 22, àwọn ti ìsàlẹ̀ gba 8.

Ọdún yẹn náà ni mo kọ́kọ́ ka èsì mọ́ọ̀kì nípa ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Jiọ́mẹ́tírì àti ìṣirò ìwọ̀n kò burú. Ibi tí máàkì ti sọnù jù ni títú àkámọ́ tí a gbé sókè sí agbára méjì, irú (x + 3)², ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń ṣe àtúnkọ́ sì lọ síbẹ̀.